Máàkì Fún Olùpèsè Mẹ́ta: Ohun Tí Ọ́dítọ̀ Máa Wò Kó Tó Wo Àròpọ̀

*“Ẹ kú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká 80 la fẹ́ rà, pẹ̀lú àbójútó ọdún 3. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ní kí olùpèsè 3 fi ìwé iye owó wọn ránṣẹ́. Mo ti bá ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ rí, mo sì mọ̀ pé òun kọ́ ni owó rẹ̀ máa kéré jù. Wọ́n ní kí n fi òṣùwọ̀n tó ní ìwúwo fún wọn ní máàkì. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí màá fi lè dúró lórí ẹni tí a bá mú?”*

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ bèèrè kí ìwé ẹnikẹ́ni tó dé, torí pé ohun tí ẹ bá ṣe kí ẹ tó rí iye owó wọn ló máa gbèjà yín jù. Àròpọ̀ máàkì fúnra rẹ̀ kì í gbèjà ẹnikẹ́ni. Ọ́dítọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tí ẹ pinnu ìwúwo, ìyẹn iye máàkì nínú 100 tí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan gbé, lẹ́yìn náà, ọ̀nà tí ẹ gbà sọ owó di máàkì, lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú tábìlì yín pé, “Kí lẹ rí tí ẹ fi kọ 4 síbí, tí kì í ṣe 3?” Bí ẹ bá ní èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lákọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ olùpèsè tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn kúrò lọ́nà ná. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ yín pé ẹ ti bá a ṣiṣẹ́ rí, kí ó má di ohun tí ẹlòmíì máa tú jáde lẹ́yìn ọ̀la. Bí iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe sẹ́yìn bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ sọ ọ́ di ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀, bíi lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ oníbàárà tí wọ́n ti ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún. Ohun tí ẹ̀yin rántí nípa ẹnì kan nínú wọn kì í ṣe ẹ̀rí, torí pé àwọn méjì yòókù kò ní àǹfààní kí ẹ rántí nǹkan kan nípa tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya ohun àìgbọdọ̀-máà-ní sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń fún ní máàkì. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, ìwé owó orí, ìwọ̀n ìrántí tí kọ̀ǹpútà náà kò gbọdọ̀ kéré sí, gbogbo ìyẹn jẹ́ “ó ní in” tàbí “kò ní in”. Ẹni tí kò bá ní in kò dé ibi máàkì rárá. Ìṣòro tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú tábìlì, wọ́n á fún un ní ìwúwo 10, gbogbo ènìyàn á sì gba 10. Ìwúwo 10 yẹn ti ṣòfò nìyẹn, kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnikẹ́ni, ìwúwo tó ń ṣiṣẹ́ sì ti di 90 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ní ti ìwúwo, òṣùwọ̀n mẹ́rin tó fún irú ọjà yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìgbìmọ̀ yín fẹnu kò sí èyí: owó 40, bí kọ̀ǹpútà náà ṣe dára tó kọjá ohun tó pọn dandan 25, àbójútó lẹ́yìn títà 20, àkókò tí ọjà máa dé 15. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i. Òfin àwòkọ́ṣe tí UNCITRAL, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òfin òwò láàárín orílẹ̀-èdè, gbé jáde lọ́dún 2011 lórí ríra ọjà ìjọba gbà bẹ́ẹ̀ náà: òṣùwọ̀n tó bá wà nínú ìwé ìpè nìkan la lè fi yan ènìyàn, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ìwúwo wọn ti hàn. Bí iléeṣẹ́ yín kì í tiẹ̀ ṣe ti ìjọba, ìlànà yẹn ṣì ni ààbò tó dára jù tí mo mọ̀. Tí ẹ bá fi ìwúwo sílẹ̀ di ẹ̀yìn tí ẹ rí iye owó, kò sí bí ẹ ṣe máa fi hàn pé ẹ kò ṣe é kó bá ẹnì kan mu.

Nǹkan tó kàn ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ẹ máa lo máàkì 0 sí 5, àmọ́ kí ìwé tó dé, ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. “Ó dára”, “ó dára gan-an” kò tó, torí pé ohun tó dára lójú tèmi lè má dára lójú yín. Ẹ wo bí mo ṣe máa kọ ti àbójútó lẹ́yìn títà. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ gba 0. Ẹni tó ṣèlérí lásán láìsí ẹ̀rí gba 1. Ẹni tó fi hàn pé òun ní ibi àtúnṣe àti òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ tí kò so ara rẹ̀ mọ́ ọjọ́ kankan, gba 2. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á tún ẹ̀rọ ṣe láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3 gba 3. Ẹni tó bá ní ọjọ́ iṣẹ́ 2, tó máa yá yín ní òmíì lò títí tiyín á fi jáde, tí oníbàárà rẹ̀ kan sì jẹ́rìí sí i nínú lẹ́tà, gba 4. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí, tó tún gbà kí ẹ yọ owó lára tirẹ̀ nígbàkigbà tó bá kọjá ọjọ́ tó dá, ló gba 5. Pẹ̀lú irú àlàyé yìí, ènìyàn méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lè ka ìwé kan náà kí wọ́n sì dé orí nọ́ńbà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún bí ọjà ṣe dára tó àti àkókò.

Ẹ ṣọ́ra fún kí nǹkan kan ṣoṣo má gba máàkì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fi “ọjà tó wà nílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí wọn” sínú òṣùwọ̀n àkókò, tí ẹ tún fi “agbára láti pèsè” ṣe òṣùwọ̀n mìíràn, ilé ìkẹ́rùsí kan náà lẹ ń fún ní máàkì níbi méjèèjì. Olùpèsè ńlá ló máa ń jèrè irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan owó, ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó sọ owó di máàkì, ẹ rí i dájú pé ohun kan náà ni iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ: kọ̀ǹpútà 80, gbígbé e dé, owó orí, àti àbójútó ọdún 3 tí ẹ béèrè. Bí ẹnì kan bá yọ àbójútó sí ẹ̀gbẹ́, owó rẹ̀ máa dà bí èyí tó kéré jù láìrí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn olùpèsè náà ní A, B àti D, ká sì fi 100 ṣe iye owó A tó kéré jù. Ti B jẹ́ 112, ti D jẹ́ 125.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti fún wọn ní máàkì. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ pín owó tó kéré jù pẹ̀lú owó olùpèsè, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwúwo owó. Bí iye owó wọn bá wà nínú àpótí B2 sí B4 nínú ìwé ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà yín, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí, kí ẹ sì fà á sísàlẹ̀:

```
=40*MIN($B$2:$B$4)/B2
```

A gba 40, B gba 35.71, D gba 32. Ọ̀nà kejì máa ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ní 40, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ní òfo, á sì tò àwọn tó wà láàárín bí wọ́n ṣe jìnnà sí méjèèjì. Níbẹ̀, A gba 40, B gba 20.8, D kò gba nǹkan kan.

Ẹ wá wo ohun tí ìyàtọ̀ yẹn ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ti bí ọjà ṣe dára tó, A gba 3, B gba 4, D gba 5. Ní ti àbójútó, A gba 2, B gba 4, D gba 4. Ní ti àkókò, A gba 4, B gba 4, D gba 3. Ìwúwo 25 túmọ̀ sí pé 1 nínú 5 jẹ́ máàkì 5. Ìwúwo 20 sọ ọ́ di máàkì 4. Ìwúwo 15 sọ ọ́ di 3. Láìka owó, A ní 35, B ní 48, D ní 50. Bí ẹ bá fi máàkì owó ti ọ̀nà àkọ́kọ́ kún un, B ló wọlé pẹ̀lú 83.71, D tẹ̀ lé e pẹ̀lú 82, A sì ní 75. Bí ẹ bá lo ọ̀nà kejì, A ló wọlé pẹ̀lú 75, B ní 68.8, D ní 50. Ọjà ò yí padà, ìwúwo ò yí padà, kò sí ẹni tó yí máàkì kankan, síbẹ̀ ẹlòmíì ló gba iṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ pé ọ̀nà ìṣirò owó jẹ́ ara ìwúwo. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pẹ̀lú ìwúwo, ní ọjọ́ kan náà. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀nà kejì níbi tí olùpèsè bá kéré níye. Owó D fi ìdá 25 nínú 100 ju ti A lọ, àmọ́ tábìlì ṣe bí ẹni pé kò dá owó kankan tó bójú mu rárá. Èyí tó tún burú ni pé ẹlòmíì tí kò lè wọlé láéláé lè wá dá ìjà náà. Bí olùpèsè kẹrin bá mú 160 wá, òun ló máa gba òfo, máàkì owó B á ti 20.8 gòkè dé 32, àròpọ̀ rẹ̀ á di 80, B á sì borí A tó ṣì wà lórí 75. Ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún A?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ náà ní àléébù tirẹ̀, kí n má tàn yín. Gbogbo máàkì owó so mọ́ ẹni tó kéré jù. Bí ẹnì kan bá mú 50 wá, tí ẹ sì jẹ́ kó wọ inú ìṣirò, ti B á já sí 17.86, ti D á já sí 16. D á wá borí B pẹ̀lú 66 sí 65.86. Nítorí náà, bí owó ẹnì kan bá kéré débi tó fi ń kọ yín lóminú, ẹ kọ̀wé sí i kó ṣàlàyé bó ṣe dé orí iye yẹn kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá mú ọpọlọ dání, tí ìlànà yín sì gbà yín láàyè, ẹ yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú ìdí lákọsílẹ̀, kí owó rẹ̀ má bàa di ohun tí ẹ fi ń díwọ̀n àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń fún ni ní máàkì jẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí kálukú ka ìwé kó sì kọ máàkì tirẹ̀ láìgbọ́ tẹnìkejì. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má tíì rí iye owó nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí, torí pé ẹni tó ti mọ ẹni tí owó rẹ̀ kéré á máa wá ìdí fún un. Lẹ́yìn náà kí ẹ pàdé. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló kàn máa ń ro máàkì pọ̀ tí wọ́n á pín in sí mẹ́ta.

Ẹ gbà pé lórí àbójútó B, ẹni méjì kọ 4, ẹnì kẹta kọ 2. Bí ẹ bá pín in, 3.33 lẹ máa rí, ìyẹn máàkì 13.33 dípò 16. Àròpọ̀ B á já sí 81.05, D tó ní 82 á sì gba iṣẹ́. Àmọ́ 3.33 kò bá ohunkóhun mu nínú àlàyé tí ẹ kọ. Ẹ bi ẹni tó kọ 2 pé kí ló rí. Ó lè jẹ́ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló kà, tí kò sì sọ ọjọ́ kankan, nígbà tí ìlérí ọjọ́ iṣẹ́ 2, ẹ̀rọ ìyálò àti lẹ́tà oníbàárà wà nínú àfikún lẹ́yìn ìwé náà. Bí ẹ bá ṣí i sójú ewé yẹn, tí òun náà kà á, tó sì yí tirẹ̀ sí 4, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: máàkì àkọ́kọ́, máàkì tuntun, ojú ewé, àti ìdí. Ẹ má ṣe pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́. Ọ́dítọ̀ kì í bínú sí máàkì tó yí padà. Èyí tó yí padà láìní ìdí ló máa ń lé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó kọ 2 yẹn gan-an ló rí òótọ́, pé ìlérí ọjọ́ 2 wà fún olú iléeṣẹ́ yín nìkan, tí àwọn ẹ̀ka kò sí nínú rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ló máa sọ̀kalẹ̀ nígbà náà.

Ní kété tí àròpọ̀ bá ti jáde, ẹ dán an wò. Máàkì 1.71 ló wà láàárín B àti D, kò pọ̀. Ẹ bi ara yín pé kí ló gbọ́dọ̀ yí padà kí D tó wọlé. Bí ẹ bá mú 5 kúrò lára ìwúwo owó, tí ẹ fi kún ti bí ọjà ṣe dára tó, B ṣì wọlé pẹ̀lú 83.25 sí 83. Bí ẹ bá mú 6, D á fi èékánná borí. Tí ẹ bá sì dá àbójútó B sí 3, D ti wọlé nìyẹn láìfọwọ́ kan ìwúwo. Ìdánwò yìí kò fún yín láṣẹ láti yí ìwúwo tí ẹ ti kéde, rárá o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ibi tí ìpinnu yín ti fẹ́lẹ́ hàn yín kí ẹlòmíì tó fi hàn yín. Nínú ọ̀ràn yìí, máàkì àbójútó B ni òpó tó gbé ìpinnu náà ró. Ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pe oníbàárà tó kọ lẹ́tà yẹn, ẹ bèèrè iye ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti iye ọjọ́ tó gbà, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹ pe ti D náà, kó má di pé ẹnì kan ṣoṣo lẹ wádìí.

Ìbéèrè tó dájú pé wọ́n máa bi yín ni ìdí tí ẹ kò fi mú A. Ẹ má ṣe dáhùn pé “B ló ní máàkì jù”. Ẹ tú ìyàtọ̀ wọn palẹ̀. Ohun tí mo máa kọ sínú ìjábọ̀ rèé:

“Owó B fi ìdá 12 nínú 100 ju ti A lọ, ó sì pàdánù máàkì 4.29 nítorí rẹ̀. B rí máàkì 8 lórí àbójútó, torí pé ó ṣàdéhùn àtúnṣe láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 2 àti ẹ̀rọ ìyálò, nígbà tí A kò dá ọjọ́ kankan. Ó rí 5 sí i lórí bí ọjà ṣe dára tó. Àwọn méjèèjì dọ́gba lórí àkókò. Èrè rẹ̀ jẹ́ 13, àdánù jẹ́ 4.29, ó sì fi 8.71 borí.”

Ẹni tó bá ka ìyẹn lè gbà tàbí kó má gbà pé àbójútó tó bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ìdá 12, àmọ́ ó mọ ohun tí owó náà rà, ó sì lè rí i pé ìwúwo 20 tí ẹ fún àbójútó ti wà lójú ìwé ìpè kí B tó dá iye kankan. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún D. Òun ní máàkì 5 jù lórí bí ọjà ṣe dára tó, ó pàdánù 3.71 lórí owó àti 3 lórí àkókò, ó sì fi 1.71 rẹ̀yìn. Nítorí pé ó sún mọ́ra, ẹ fi èsì ìdánwò tí ẹ ṣe kún ìjábọ̀ náà, títí kan ìwúwo tó lè yí i padà. Bí ẹ bá fi í pa mọ́, ẹni tó bá tún ìṣirò náà ṣe á rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ó ku àwọn tí kò wọlé. Ẹ fi máàkì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí olùpèsè kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n kan lẹ́yìn òmíì, pẹ̀lú ìdí. Ẹ sọ fún A pé ọjọ́ àtúnṣe tí kò dá ló jẹ́ kó gba 2, ẹ sọ fún D pé àkókò tí ọjà rẹ̀ máa dé àti owó rẹ̀ ló fà á sẹ́yìn. Àdéhùn tí B ṣe lórí bó ṣe máa tún ẹ̀rọ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò rẹ̀, ẹ má ṣe kó o jáde. Ẹ fi lẹ́tà wọ̀nyí ránṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé yẹ̀ wò.